Àwo dífídì tó ń fi orúkọ fáìlì hàn ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí a kó wọn tán

Àdùkẹ́_Fọ́tò

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Mo ní àwo dífídì kan tí a kọ fọ́tò àti fídíò ìdílé wa sí ní ọdún 2009. Bí mo bá fi í sínú kọ̀ǹpútà, orúkọ gbogbo fáìlì á jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń ṣí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kó wọn, tí ó bá ti dé nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, á sáré yí, á tún dẹwọ́, lẹ́yìn náà á ní òun kò lè ka fáìlì. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ wà lójú àwo náà. Ṣé àwo ló bàjẹ́ ni, àbí lẹ́ńsì ló dọ̀tí? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Kọ́lá_Olówò

Ìlà yẹn ni, ẹ má wulẹ̀ wá ohun mìíràn lọ. Ẹ mú ọṣẹ ìfọyín funfun, ẹ fi aṣọ rírọ̀ pa á sójú àwo yípo-yípo títí ojú rẹ̀ yóò fi dán, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Mo ti fi ọ̀nà yìí gba síídì tó pọ̀ là, àwọn tí kò ka rárá tẹ́lẹ̀ sì padà ń ka dáadáa.

Alátùn-únṣe

Arábìnrin Àdùkẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi ohunkóhun pa ojú àwo yẹn. Òótọ́ wà nínú ohun tí Kọ́lá sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Lára síídì, ìsàlẹ̀ ojú tí a kọ àkọlé sí gan-an ni dátà wà, ike tí ìmọ́lẹ̀ lésà ń gbà kọjá kí ó tó dé ibẹ̀ sì nípọn tó mìlímítà 1.2. Nítorí náà, ìlà tó wà ní ojú tó ń dán kò kan dátà fúnra rẹ̀. Ó kàn ń da ìmọ́lẹ̀ rú ni, bí a bá sì fi ohun tó rọra ń họ nǹkan tẹ́ ẹ, ìmọ́lẹ̀ lè tún kọjá. Ìyẹn ni Kọ́lá ti rí. Àmọ́ ike méjì tó nípọn tó mìlímítà 0.6 ni a lẹ̀ pọ̀ láti ṣe dífídì, dátà sì wà láàárín wọn, nítorí náà ike tí a lè họ kúrò kéré sí ti síídì. Ní ti búlúréè, ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan péré ni ìbòrí rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ọṣẹ ìfọyín kàn án láéláé.

Ohun tó tún burú nínú pípa á yípo-yípo ni pé dátà náà ń lọ yípo, láti inú bọ́ sí etí. Ìlà tó bá dábùú ọ̀nà yẹn ń pa ìwọ̀nba díẹ̀ lára níbi kọ̀ọ̀kan tó bá gé kọjá, ìṣirò àtúnṣe tó wà lórí àwo sì sábà máa ń rí i tún ṣe. Ìlà tó bá ń bá ọ̀nà náà lọ ni ó máa ń gbé odindi apá kan mì lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí dífídì, ègé dátà kéékèèké 16 tí à ń pè ní sẹ́kítọ̀, tí í ṣe kílóbáìtì 32 lápapọ̀, ni a dì pa pọ̀ tí a sì fi àfikún ìṣirò tì lẹ́yìn. Bí ìbàjẹ́ inú ìdì kan bá ti ju agbára ìṣirò yẹn lọ, gbogbo 16 ló sábà máa ń lọ pa pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ máa nu àwo láti àárín gbùngbùn lọ tààrà sí etí, tí a kò gbọdọ̀ nù ún yípo.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdá 85 tí ẹ sọ, nítorí pé ó ń tọ́ka sí ibì kan. Lórí dífídì, kíkọ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 24 sí àárín gbùngbùn, kì í sì í kọjá 58. Àkójọ orúkọ fáìlì sábà máa ń wà ní inú lọ́hùn-ún, èyí ló sì fà á tí ẹ fi ń rí orúkọ bí fáìlì fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣeé kà. Bí àwo yín bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ á jẹ́ mìlímítà 53 tàbí 54 sí àárín, ìyẹn etí ìta. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn máa ń di àwo mú, ibẹ̀ ni títẹ̀ àwo ti máa ń hàn jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rọ ti máa ń yára jù nígbà tó ń kọ ọ́.

Ẹ bá mi yẹ nǹkan díẹ̀ wò kí n tó sọ púpọ̀. Ẹ fi àwo fíìmù tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ jáde sínú ẹ̀rọ kan náà, kí ẹ sì kó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá ní èyí tó jẹ́ ipele méjì, òun ni kí ẹ lò, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà kéré púpọ̀ sí ti ipele kan, lẹ́ńsì tó dọ̀tí tàbí lésà tó ti rẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ kọsẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àwo yín sábẹ́ iná kí ẹ wo etí rẹ̀. Ẹ bá mi wo iye ìyára tí wọ́n kọ sójú rẹ̀ pẹ̀lú.

Màmá_Olórin

Ẹ ṣeun tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Síídì orin ìjọ wa kan máa ń fò níbi orin kẹta, ṣùgbọ́n bí mo bá kó o sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kì í ráhùn rárá, yóò kó o parí láìsí ìkìlọ̀ kankan. Nígbà tí mo bá wá gbọ́ ohun tó kó, ariwo kékeré kan ń ta pá-pá nínú rẹ̀. Ṣé kí n nu lẹ́ńsì tèmi náà ni?

Àdùkẹ́_Fọ́tò

Ẹ̀gbọ́n Alátùn-únṣe, mo ti ṣe é. Àwo fíìmù onípele méjì tí mo ní kó dé òpin, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Lórí àwo tèmi, ìlà méjì tí mo rí dábùú láti inú lọ síta. Ní etí, mo rí ojú àtàǹpàkò ẹnìkan gedegbe, àti òrùka kan tó yí gbogbo etí náà po, tí àwọ̀ elésè-àlùkò rẹ̀ fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú. Ìyára 16 ni wọ́n kọ sójú rẹ̀. Èmi kò mọ ìyára tí a fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wa kọ ọ́ fẹ́ràn kí nǹkan tètè parí.

Alátùn-únṣe

Ẹ ṣeun, èyí là mí lójú. Ẹ yọ lẹ́ńsì kúrò nínú ẹ̀sùn. Lẹ́ńsì tó dọ̀tí kì í yan àwo kan ṣoṣo, kì í sì í dúró de ìdá 85. Gbogbo àwo ni yóò máa yọ lẹ́nu, pàápàá àwọn tí ìmọ́lẹ̀ wọn kéré. Ìlà méjèèjì náà dábùú, ẹ sì ń ka gbogbo ibi tí wọ́n gbà kọjá ní inú, nítorí náà àwọn náà kọ́. Ohun tó kù ni ojú àtàǹpàkò àti òrùka etí yẹn.

Ẹ fọ ojú àtàǹpàkò kúrò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọwo kán kan ti tó. Ẹ lo aṣọ tí kì í jábọ́ fọ́nrán, láti inú lọ síta, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

Ní ti òrùka etí, mo fura sí ìyára ìkọ̀wé. Ẹ̀rọ tó ń kọ àwo ní ìyára 16 kì í sábà bẹ̀rẹ̀ ní 16. Ní inú lọ́hùn-ún, nǹkan bíi 6 ni yóò jẹ́, yóò sì máa yára sí i títí yóò fi dé 16 ní etí. Níbẹ̀, lésà ní àkókò kúkúrú púpọ̀ láti jó aró inú àwo, bí àwo bá sì tẹ̀ díẹ̀, kò ní wà ní ojú ibi tó yẹ. Ẹ̀rọ tó kọ ọ́ lè ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn kí gbogbo ènìyàn sì rò pé ó dára, nígbà tó jẹ́ pé àṣìṣe ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún agbára ìṣirò àtúnṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdọ̀tí díẹ̀ tàbí ọjọ́ orí díẹ̀ ló kù kó borí rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ má fi ìkódà lásán gbìyànjú mọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá kọsẹ̀ lórí sẹ́kítọ̀ kan, ó máa ń sọ odindi fáìlì nù, bí ẹ bá sì tún bẹ̀rẹ̀, kò rántí ohun tó ti kà tẹ́lẹ̀. Ẹ lo `ddrescue` lórí Linux. Bí Windows ni ẹ ní, ẹ lè gbé Linux sórí fíláàṣì kí ẹ sì tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀. Ohun tó ń kó ni àwòrán gbogbo àwo, sẹ́kítọ̀ tẹ̀ lé sẹ́kítọ̀, ó sì ń kọ ohun tó kà àti ohun tí kò rí kà sínú fáìlì àwòṣe kan lọ́tọ̀.

```
eject -x 4 /dev/sr0
ddrescue -n -b2048 /dev/sr0 awo.iso awo.map
ddrescue -d -r3 -b2048 /dev/sr0 awo.iso awo.map
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó rọra yí. Àwọn ẹ̀rọ kan kì í gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú rẹ̀. Èkejì ń kó gbogbo ibi tó rọrùn láìfi àkókò ṣòfò lórí ibi tó le, kí ohun tó ṣeé gbà là lè kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀kẹta ló ń padà sí ibi tó le, ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí i. Ẹ má pa `awo.map` rẹ́ láé. Bí ẹ̀rọ yìí bá sú yín, ẹ gbé àwo náà sínú ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ tún pe àṣẹ kẹta pẹ̀lú àwọn fáìlì kan náà. Ibi tó kù nìkan ni yóò wá kà, ẹ̀rọ méjì kì í sì í sábà kọsẹ̀ síbì kan náà.

Ọmọ_Aró

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìyára ló fà á. Àwo tí a kọ ní 2009 ti dàgbà. Aró inú àwo àkọsílẹ̀ máa ń ṣá bí oòrùn àti ooru bá ń bá a, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin sì lè gba etí wọ inú rẹ̀ níbi tí gọ́ọ̀mù tó lẹ ike méjèèjì pọ̀ kò bá dí dáadáa. Ìyẹn náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti etí, yóò sì yí gbogbo etí po gẹ́gẹ́ bí òrùka tí wọ́n rí. Ẹ̀yin rí òrùka, ẹ ní ìyára ni. Èmi rí i, mo ní ọjọ́ orí ni.

Alátùn-únṣe

Ọmọ_Aró, ó ṣeé ṣe kí ó rí bí ẹ ti sọ. Ohun tí ì bá yanjú rẹ̀ ni bí ẹnìkan bá ti fi ẹ̀rọ wọn iye àṣìṣe àwo náà ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kí a lè fi wé ti òní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣe é. Ibì kan péré ni mo rọ̀ mọ́: àwọ̀ tó yàtọ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí ìṣá, nítorí pé ààlà tó wà láàárín ibi tí a kọ nǹkan sí àti ibi tí a kò kọ nǹkan sí náà máa ń hàn báyìí. Bí àwo wọn kò bá kún pátápátá, apá kan nínú òrùka yẹn lè jẹ́ ibi òfìfo lásán.

Màmá Olórin, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má tíì nu lẹ́ńsì. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí ti Arábìnrin Àdùkẹ́. Lórí síídì dátà, báìtì 2048 ni dátà inú sẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyókù títí dé 2352 sì ni àdírẹ́sì àti ìpele àtúnṣe kejì. Lórí síídì orin, gbogbo 2352 ni ohùn, kò sí ìpele kejì yẹn rárá. Nígbà tí ìpele àkọ́kọ́ bá kùnà, a gba ẹ̀rọ láyè láti fojú díwọ̀n ohùn tó sọnù láti ara èyí tó wà ṣáájú àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó sì máa lọ láìsọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà yín kò fi ráhùn.

Ohun tí ẹ nílò ni ètò tó ń ka ibì kan náà léraléra tó sì ń fi wọ́n wéra, irú bíi `Exact Audio Copy` lórí Windows tàbí `cdparanoia` lórí Linux. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń tọ́jú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sínú ìrántí rẹ̀, bí ètò bá sì tún bi í, ìrántí yẹn ló máa dá a lóhùn, kò ní padà sórí àwo. Ìkà méjèèjì á bára mu, síbẹ̀ àṣìṣe kan náà ni. Nínú `Exact Audio Copy`, ẹ yan ìkà aláàbò, kí ẹ sì jẹ́ kó yẹ ẹ̀rọ yín wò bóyá ó ń tọ́jú ohùn sínú ìrántí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ síídì tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ jáde tó sì gbajúmọ̀, `AccurateRip` á fi ohun tí ẹ kà wé ohun tí àwọn ẹlòmíràn kà lórí ẹ̀rọ tiwọn, ẹ̀rí yẹn sì lágbára ju kí ẹ̀rọ kan máa jẹ́rìí ara rẹ̀. Ti orin ìjọ lè má sí níbẹ̀.

Màmá_Olórin

Ó yé mi wàyí, ọmọ mi. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ akọrin ló kọ síídì náà nílé, nítorí náà kò ní sí níbẹ̀. Mo rántí pé ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀dà kan. Èmi yóò ka méjèèjì, kí n wo bóyá orin kẹta bára mu.

Alátùn-únṣe

Ó dára gan-an, Màmá. Bí méjèèjì bá bára mu láti ara àwo méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ariwo yẹn sì wà síbẹ̀, a jẹ́ pé inú orin tí wọ́n fi kọ síídì náà ló ti wà.

Àdùkẹ́_Fọ́tò

Mo ti fọ àwo náà, mo sì ti ṣe gbogbo rẹ̀. Gbogbo àwòrán náà tó gígábáìtì 4.5. Lẹ́yìn àṣẹ kejì, nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 96 ló kù. Àṣẹ kẹta gba alẹ́ odindi, ó sì dín in kù sí 14. Nígbà náà ni mo gbé àwo náà sínú ẹ̀rọ àfikún tí a ń fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ka àwọn ibi tí ti àkọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó kù báyìí jẹ́ báìtì 1,572,864. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n n kò mọ fáìlì tí ó kàn. Gbogbo wọn ló jáde nínú àwòrán náà, wọn kò sì fi àmì kankan hàn.

Alátùn-únṣe

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ wo iye yẹn: sẹ́kítọ̀ 768 ni, ìyẹn ìdì 48 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́kítọ̀ 16 gééré. Ó ń fi hàn pé ìṣirò àtúnṣe àwo fúnra rẹ̀ ló kùnà níbẹ̀, pé kì í ṣe wàyà tàbí kọ̀ǹpútà ló ń já dátà gbà.

Ibi tí a kò kà wà nínú àwòrán gẹ́gẹ́ bí òfìfo, nítorí náà ni fáìlì fi dà bí ẹni pé ó pé. Láti mọ èyí tí ó kàn, ẹ pe méjì yìí:

```
isoinfo -l -i awo.iso
ddrescuelog -l- -b2048 awo.map
```

Àkọ́kọ́ ń fi sẹ́kítọ̀ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ hàn, pẹ̀lú títóbi rẹ̀ ní báìtì. Èkejì ń ka nọ́ńbà àwọn sẹ́kítọ̀ tí kò ṣeé kà. Ẹ pín títóbi fáìlì sí 2048, ẹ fi kún ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà tó bọ́ sáàárín.

Àdùkẹ́_Fọ́tò

Mo rí i. Fídíò ńlá kan tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 610 bẹ̀rẹ̀ ní sẹ́kítọ̀ 1,902,400, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí kò ṣeé kà sì ni 1,946,112. Ìdì 45 ló wà nínú fídíò yẹn, mẹ́ta tó kù sì wà nínú fọ́tò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fọ́tò méjì nínú wọn di aláwọ̀ eérú láti àárín dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ ṣí.

Alátùn-únṣe

Ìyàtọ̀ nọ́ńbà méjèèjì jẹ́ 43,712, ìyẹn nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 89.5 sí ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà. Bí fídíò náà bá gùn tó ìṣẹ́jú 15, ẹ ó rí àléébù àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀. Àròpọ̀ gbogbo ohun tó sọnù nínú rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ó sì fọ́n káàkiri, nítorí náà àwòrán á máa gbọ̀n díẹ̀ kó tó bọ̀ sípò. Fídíò ń dìde padà lẹ́yìn ìkọsẹ̀. Fọ́tò kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé a ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ara ohun tó ṣáájú. Èyí tí kò ṣí pátápátá, orí rẹ̀ gan-an ni òfìfo ti bọ́ sí.

Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ kẹta yá, fọ́tò mẹ́ta yẹn tó ohun tí a ń jìyà fún. Ẹ fi `-R` kún àṣẹ kẹta, kó máa kà láti òpin bọ̀ wá sẹ́yìn. Nígbà mìíràn, ìdì tí lésà kò rí mú láti iwájú máa ń ṣeé kà bí ó bá ti ọ̀nà kejì wọ agbègbè náà.

Kọ́lá_Olówò

Mo ti kọ́ nǹkan púpọ̀ níbí. Ṣé kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí àwo tó ṣì ń ka báyìí, kí ó má bàa di irú èyí?

Alátùn-únṣe

Ó wà. Ètò kan tó ń jẹ́ `dvdisaster` máa ń ka àwo tó ṣì dára, á sì ṣe fáìlì àtúnṣe kan tí ẹ ó tọ́jú síbòmíràn. Lọ́jọ́ tí àwo náà bá bàjẹ́ díẹ̀, fáìlì yẹn á kún ohun tó sọnù, níwọ̀n bí ìbàjẹ́ kò bá ti ju ìwọ̀n tí ẹ yàn nígbà tí ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é nígbà tí gbogbo sẹ́kítọ̀ ṣì ń ka. Kò lè ran àwo Arábìnrin Àdùkẹ́ lọ́wọ́ mọ́.

Ọmọ_Aró

Bí ẹ bá sì tún fẹ́ kọ àwo tuntun, ẹ kọ ọ́ ní ìyára 8 kí ẹ fi etí sílẹ̀ láìkún un. N kò yí ọkàn padà lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí o, ṣùgbọ́n níbi tí ìdí méjèèjì ti pàdé nìyẹn.

Àdùkẹ́_Fọ́tò

Àbúrò bàbá mi ní ẹ̀rọ àtijọ́ kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo sì ti bá a sọ̀rọ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, mo máa gbé àwo náà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú `awo.iso` àti `awo.map`, màá sì fi `-R` gbìyànjú fọ́tò mẹ́ta tó kù.